Nǹkan Eléérú Tó Jọ Ẹran Tó Bá Ẹ̀jẹ̀ Jáde Lójú Ara: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ Èyí Tí Kò Léwu àti Èyí Tó Yẹ Kí Ẹ Sáré Sí

"Nọ́ọ̀sì, nǹkan kan jáde lára mi lóru àná. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ lásán. Ó rí bí ṣàkì." Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí obìnrin kan má bi mí ní ìbéèrè yìí, yálà ní kílíníìkì tàbí lórí fóònù. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ohun tí gbogbo wọn ń fẹ́ ni pé kí n wo àwọ̀ rẹ̀, kí n sì sọ fún wọn pé kò séwu. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan eléérú tó wá láti inú ilé ọmọ obìnrin tí kò lóyún rárá, àti èyí tó wá lára obìnrin tí oyún rẹ̀ dúró sí ibi tí kò yẹ, lè jọra bí ìbejì. Ìdánwò oyún ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ojú kò lè yà wọ́n. Ẹ tẹ̀lé ìgbésẹ̀ tí mo kọ sílẹ̀ yìí bí mo ṣe tò ó.

## Kí ẹ tó ka ìyókù

Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá ń ṣe yín báyìí, ẹ fi ìwé yìí sílẹ̀, kí ẹ wá ẹni tó máa gbé yín dé ilé ìwòsàn tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ má ṣe dá nìkan lọ, ẹ má sì wa ọkọ̀ fúnra yín.

- Páàdì ńlá kan ń kún ṣìnkìn láàárín wákàtí kan, tí èkejì náà sì tún kún ní wákàtí tó tẹ̀ lé e.
- Òyì ń kọ́ yín, ojú yín ń ṣú, tàbí ẹ ti dákú.
- Inú ń dùn yín gidigidi, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ kan nísàlẹ̀ ikùn.
- Ṣóńṣó èjìká ń dùn yín láìjẹ́ pé ẹ gbé ẹrù tàbí fi í gbá nǹkan.
- Ibà ń ṣe yín, òtútù ń mú yín, tàbí ohun tó ń jáde ń rùn.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ti èjìká, nítorí àwọn èèyàn kì í kà á sí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà sínú ikùn, ó lè kó lọ sókè lábẹ́ iṣan tó la ikùn àti àyà láàárín. Iṣan-ara tó ń gbọ́ ìrora níbẹ̀ kan náà ló ń gbọ́ ti èjìká. Ìdí nìyẹn tí obìnrin fi lè máa fi róòbù pa èjìká nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ikùn rẹ̀. Ìrora náà sì máa ń pọ̀ sí i bó bá dùbúlẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ má ṣe fi omi ṣàn án lọ

Ẹ̀rù tàbí ìtìjú ló ń mú kí púpọ̀ nínú wa yára da omi sí i nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé nǹkan kan tóbi ju ẹ̀jẹ̀ lásán lọ, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ fi ọ̀rá mímọ́ bo ọwọ́, kí ẹ gbé e sínú abọ́ funfun tàbí ike tó mọ́.
2. Ẹ rọra da omi tó mọ́ sí i díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ fi ṣàn kúrò. Ẹ má fi ọṣẹ, Détọ́ọ̀lù, Ísáàlì tàbí iyọ̀ sí i.
3. Ẹ jẹ́ kó wà nínú omi náà fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí ẹ wò ó níbi tí iná tàn dáadáa.

Ohun tí ẹ lè rí nìyí:

Ìṣù ẹ̀jẹ̀ dídì. Ó pupa dúdú, ó ń dán, ó sì ń yọ̀ bí ẹ̀dọ̀. Bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó máa ń fọ́, omi á sì máa pupa. Èyí wọ́pọ̀ nínú nǹkan oṣù, pàápàá ní ọjọ́ kejì àti ìkẹta. Bó bá kéré ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lọ, tí kò sì pọ̀, kò sí wàhálà. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ tó sì ń jáde lóṣooṣù yẹ kí dókítà wò, nítorí ìju inú ilé ọmọ lè wà nídìí rẹ̀.

Awọ tàbí ẹran eléérú. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn kúrò lára rẹ̀, síbẹ̀ òun kò fọ́. Ó le díẹ̀ lọ́wọ́, àwọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ti eérú, ti ẹran tí a ti bọ̀, tàbí kó pọ́n ráúráú. Nígbà mìíràn ó máa ń ní igun mẹ́ta, òkè rẹ̀ fẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, nítorí inú ilé ọmọ gan-an ló gba àwòrán rẹ̀.

Ohun tó fẹ̀ nínú omi bí òwú. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, àwọn fọ́nrán funfun kéékèèké sì ń léfòó lára rẹ̀ bí òwú tó tú tàbí bí ewé inú odò. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti oyún nígbà gbogbo, òun ló máa ń di ibi ọmọ.

Àpò omi wẹ́wẹ́ tó so pọ̀ bí èso àjàrà. Ẹ má dúró nílé lórí èyí. Oyún tí kò ní ọmọ nínú tó ń wú ni, ó nílò fífà jáde ní ilé ìwòsàn àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ léraléra fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, torí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ lè di jẹjẹrẹ.

Bó bá jẹ́ omi eléérú tó ń rùn bí ẹja ló ń jáde, tí kò sì sí ohun tó ṣeé dì mú nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń sọ níbí. Kòkòrò ojú ara nìyẹn sábà máa ń jẹ́, oògùn sì wà fún un. Bí ẹ bá sì ń ki oògùn bọ ojú ara lálẹ́, àjẹkù rẹ̀ lè jáde ní funfun wẹ́wẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹran ara.

## Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣe ìdánwò oyún, ohun yòówù kí ẹ rò

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Mo wà lórí ìfètò sọ́mọ bíbí." "Mo ti rí nǹkan oṣù mi." "Wọ́n ti so ilé ọmọ mi." Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ tí obìnrin rò pé nǹkan oṣù ni lè jẹ́ ti oyún tó ń bàjẹ́. Bí oyún bá sì wọlé fún ẹni tí wọ́n ti so ọ̀nà ẹyin rẹ̀ tàbí tí wọ́n fi ohun ìfètò sínú ilé ọmọ rẹ̀, ewu pé ó dúró síta ilé ọmọ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ.

1. Ẹ ra èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá ní kẹ́mísìtì.
2. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ ló dára jù. Bí ẹ kò bá lè dúró di òwúrọ̀, ẹ má mu omi púpọ̀ ṣáájú, kí ẹ sì ti mú ìtọ̀ náà mọ́ra fún wákàtí mélòó kan.
3. Ẹ fi omi mímọ́ fọ ojú ara kí ẹ̀jẹ̀ má baà kún inú ìtọ̀.
4. Ẹ ka èsì rẹ̀ ní àkókò tí wọ́n kọ sára páálí. Èyí tí ẹ bá kà lẹ́yìn wákàtí kan kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.
5. Ìlà méjì, bí èkejì tilẹ̀ rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, oyún ni.

## Bí kò bá sí oyún

Bí ìlà bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, tí ara yín balẹ̀, tí ìrora sì rọlẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan náà jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ awọ inú ilé ọmọ. Lóṣooṣù, awọ yìí máa ń wó díẹ̀díẹ̀ bá ẹ̀jẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í rí i. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa ń ká kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí awọ ejò. Inú á kọ́kọ́ run gan-an, nítorí ilé ọmọ ń fún ara rẹ̀ láti ti nǹkan ńlá gba ẹnu ọ̀nà tóóró. Bó bá ti jáde tán, ìrora á rọlẹ̀.

Àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ ìfètò olóṣù mẹ́ta, àwọn tó fi ti apá síra àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn pàjáwìrì lẹ́yìn ìbálòpọ̀ wà lára àwọn tí a máa ń rí i lára wọn. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ló ṣẹlẹ̀, kò nílò ìtọ́jú kankan ju parasitamọ́ọ̀lù lọ: ẹyọ méjì oní-500 fún àgbàlagbà, kí ó tó wákàtí mẹ́fà kí ẹ tó tún lò ó, kó má sì ju ẹyọ mẹ́jọ lọ lójúmọ́. Ẹ tún ìdánwò oyún ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù mìíràn, ẹ bá àwọn tó ń fún yín ní ìfètò sọ̀rọ̀ bóyá kí ẹ yí i padà.

Bí ìlà bá jẹ́ ọ̀kan ṣùgbọ́n tí inú ṣì ń dùn yín tàbí tí òyì ń kọ́ yín, ẹ má gba ìtọ̀ gbọ́. Ẹ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

## Bí oyún bá wà

Ibí yìí ni àwọn èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe tó burú jù. Wọ́n rí nǹkan tó jọ ẹran, wọ́n mọ̀ pé oyún wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ pé: "Oyún ti wálẹ̀, ó ti jáde tán."

Ẹ wò ó báyìí. Nígbà tí oyún bá wọlé, ibi yòówù tó dúró sí, ara á ránṣẹ́ sí ilé ọmọ pé kó tẹ́ ibùsùn. Awọ inú ilé ọmọ á nípọn. Bí oyún náà bá wà nínú ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà wá, ìyẹn inú tíúbù, ibùsùn ti wà nílẹ̀ àmọ́ kò sí ẹni tó sùn sí i. Tí agbára oyún náà bá ń dínkù, ibùsùn náà lè ká kúrò kó sì jáde ní eléérú, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àti inú rírun, gẹ́gẹ́ bí oyún tó wálẹ̀. Oyún gan-an ṣì wà níbi tó wà, ó sì lè bẹ́ tíúbù náà. Nínú oyún 100, bíi 1 sí 2 ló máa ń dúró síta ilé ọmọ. Kò pọ̀, àmọ́ òun ló ń yára pa obìnrin jù ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wa. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọjọ́ mélòó kan tó ti rí nǹkan oṣù kẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ti ń kán lára rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, kò pọ̀ rárá, páàdì méjì lójúmọ́ ló ń lò. Lọ́jọ́ karùn-ún, inú run ún gan-an, ẹran eléérú tó gùn bí ìka jáde, ìrora sì rọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ wò ó, ó ní oyún ló wálẹ̀, ó se àgbo fún un kí inú rẹ̀ lè mọ́. Ìyá náà fẹ́ràn rẹ̀, ohun tó mọ̀ ló sì ṣe. Ní ọjọ́ kejì, èjìká ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nígbà tó dìde láti tọ̀, ó ṣubú.

Orí ire ni pé ọkọ rẹ̀ ti tọ́jú nǹkan náà sínú ike mú wá. A fi í sínú omi: kò sí fọ́nrán kankan tó léfòó. Ìdánwò ìtọ̀ ní oyún wà. Sikáànù fi hàn pé ilé ọmọ ṣófo, ẹ̀jẹ̀ sì ti kún ikùn, nǹkan kan sì wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n yọ tíúbù ọ̀tún, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ó lọ sílé lẹ́ṣẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde síta kò pọ̀, nítorí inú ló ń dà sí. Ìrora rẹ̀ rọ̀ lẹ́yìn tí awọ náà jáde, ìyẹn ló sì tan gbogbo wọn jẹ. Nǹkan tó jáde kò ní fọ́nrán. Síbẹ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ fọ́nrán ṣe ẹ̀rí nílé. Ojú tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa lè rí ìṣù ẹ̀jẹ̀ kó pè é ní fọ́nrán, oyún tó ṣì kéré sì lè má fi í hàn.

Nítorí náà, bí ìdánwò bá ní oyún wà, tí nǹkan eléérú sì ti jáde, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni, bí ara yín tilẹ̀ le koko.

## Ohun tí ẹ máa mú lọ

- Nǹkan náà nínú ike tó ní ìdérí. Bí ilé ìwòsàn bá jìnnà, ẹ fi í sínú fíríìjì, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó dì.
- Ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù yín tó kẹ́yìn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.
- Iye páàdì tí ẹ ti lò láti àárọ̀.
- Èsì sikáànù tí ẹ bá ti ṣe tẹ́lẹ̀.
- Ẹ̀jẹ̀ irú wo lẹ jẹ́, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n.
- Orúkọ oògùn tàbí àgbo tí ẹ ti lò. Bó bá jẹ́ oògùn tó ń mú oyún wálẹ̀ lẹ lò, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú yín. Ó máa ń jẹ́ kí a mọ ohun tó kù sínú, ó sì máa ń yí ìtọ́jú padà.

Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ má ki ohunkóhun bọ ojú ara, ẹ má fi omi gbóná fọ inú rẹ̀, ẹ má sì jẹun bí inú bá ń dùn yín gan-an, nítorí ó lè di iṣẹ́ abẹ.

## Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún yín

Sikáànù ló máa kọ́kọ́ jẹ́, èyí tí wọ́n ń ti ojú ara ṣe sì ń fi oyún kékeré hàn ju ti orí ikùn lọ. Ó lè fi ọ̀nà mẹ́ta hàn. Bí àpò oyún tàbí àjẹkù rẹ̀ bá wà nínú ilé ọmọ, ẹ lè dúró kó jáde fúnra rẹ̀, kí wọ́n fún yín ní misopurọ́sítọ́ọ̀lù, oògùn tó ń mú kí ilé ọmọ fún ara rẹ̀ láti tì í jáde, tàbí kí wọ́n fà á jáde. Bí wọ́n bá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọmọ, abẹ́rẹ́ mẹtotirẹ́sétì tó ń dá ìdàgbà oyún dúró tàbí iṣẹ́ abẹ ni.

Ọ̀nà kẹta ló ń fa àríyànjiyàn: ilé ọmọ ṣófo, wọn kò sì rí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí sikáànù àtẹ̀yìnwá bá ti fi oyún hàn nínú ilé ọmọ rí, a lè gbà pé ó ti jáde tán. Bí kò bá sí irú sikáànù bẹ́ẹ̀, "ilé ọmọ ti mọ́" kò tíì tó láti fi ránṣẹ́ yín sílé. Ẹ béèrè fún ìwọ̀n ohun tí oyún ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń kọ báyìí: `β-hCG`. Wọ́n máa wọ̀n ọ́n lónìí, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí 48. Bó bá wálẹ̀ ju ìdajì lọ, oyún tó ń parí ni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó jẹ́ 1,200 lọ́jọ́ Ajé: bó bá di 400 lọ́jọ́rú, ọkàn wa balẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ 1,050 tàbí 1,400, a ò tíì lè gbà pé oyún ti jáde, a máa tún sikáànù ṣe.

Bí ẹ̀jẹ̀ yín bá jẹ́ nẹ́gétíìfù, bíi O nẹ́gétíìfù, ẹ bi wọ́n lọ́jọ́ náà bóyá ẹ nílò abẹ́rẹ́ áńtí-Dì, tó ń dáàbò bo oyún tí ẹ bá ní lọ́jọ́ iwájú. Láàárín wákàtí 72 ló yẹ kí a fún ẹni tó bá nílò rẹ̀.

## Lẹ́yìn tí ẹ bá ti padà sílé

Ẹ̀jẹ̀ lè máa kán títí di bí ọ̀sẹ̀ méjì, kó máa dínkù lójoojúmọ́. Páàdì ni kí ẹ lò, ẹ má lo ohun tí wọ́n ń ki bọ inú, kí ẹ sì fi ìbálòpọ̀ sílẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ tún ìdánwò ìtọ̀ ṣe. Ẹ má ṣe é ṣáájú ìgbà náà kí ẹ wá máa bẹ̀rù, nítorí ìlà méjì lè ṣì máa hàn lẹ́yìn tí oyún ti lọ. Bó bá ṣì jẹ́ ìlà méjì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ padà lọ.

## Àwọn tí ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ máa ń pupa, á di bí ilẹ̀ pupa tó pò mọ́ omi, á wá funfun, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí awọ tàbí ẹran eléérú bá jáde, tó ń rùn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tún padà di pupa púpọ̀, ó ṣeé ṣe kí apá kan ibi ọmọ kù sínú. Ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ tẹ ikùn yín pẹ̀lú omi gbígbóná kó lè jáde.

Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdánwò oyún kò kàn yín. Ẹ̀jẹ̀ yòówù, bó ṣe wù kó kéré, àti ẹran yòówù tó bá jáde, nílò àyẹ̀wò ilé ọmọ àti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Jẹjẹrẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá kò sí. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í sí, ṣùgbọ́n bó bá wà, ẹ̀jẹ̀ yìí ló sábà máa ń jẹ́ àmì àkọ́kọ́, nígbà tó ṣì ṣeé wò.